Ẹyọ Kékeré Igun Pẹpẹ

Ìwọ tó ń ka èyí, rọra. Tí ìka rẹ bá ti wà lórí fóònù, gbé e kúrò ná. Má ṣe gba ẹnikẹ́ni gbọ́ nítorí pé ó kí ọ dáadáa. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ìkíni ló fẹ́ẹ̀ mú mi. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, mo ń wẹ̀yìn bí ẹni tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú oko.

Orúkọ mi ni Bàṣírátù. Erinje ni mò ń gbé, pupuru ni mò ń ṣe, gbáàgúdá tí a mọ róbótó tí a fi iná àti èéfín yan. Ìwé mi ò pọ̀. Mo ka ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tán, mo ka ti ilé kéwú díẹ̀, ó parí. Tí mo bá ń kọ nǹkan, mo máa ń dúró, kí n wò ó bóyá ó rí bí mo ṣe fẹ́ kó rí. Ẹ máa bá mi bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọkọ mi ti kú, ó ti pẹ́. Ọmọ mi kan ṣoṣo, Mùhámádù, wà ní Ọ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ebi ò pa mí. Ohun tó ń ṣe mí ni pé tí mo bá ro pupuru tán, tí mo fẹ́ bù ú, abọ́ kan ṣoṣo ni ọwọ́ mi máa ń mú. Mo máa ń gbé rédíò síwájú kó máa bá mi jẹun. Mo fẹ́ ẹni tí a ó jọ máa jẹun. Ohun tí mo ń wá kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì lè sọ ọ́ síta, nítorí obìnrin tó ti tó ẹni tí ń pọn ọmọ ọmọ sẹ́yìn kì í sọ irú rẹ̀ síta nílé wa.

Tọ̀yíbà, ọmọ àbúrò mi, ló kà á lójú mi. Yunifásítì tó wà ní Òkìtìpupa ló ń lọ, ó máa ń wá sọ́dọ̀ mi ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó bá mi níbi tí mo ti ń jẹun tèmi ti rédíò.

"Àǹtí, ẹ ò lè máa fi rédíò ṣe ọkọ."

"Ta ló sọ fún ọ pé mò ń wá ọkọ?"

"Rédíò yẹn ni. Ó ní ó ti rẹ òun."

Mo lé e kúrò níwájú mi. Kò lọ. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní áàpù kan wà tí àwọn tó ń wá ẹnì kejì máa ń gbé àwòrán wọn sí. Mo ní tí Mùhámádù bá gbọ́ ńkọ́? Tí wọ́n bá fi àwòrán mi ṣe nǹkan ńkọ́? Ó ní òun ò ní kọ orúkọ bàbá mi síbẹ̀, òun ò ní kọ ojúlé wa.

Àwòrán méjì ló fi síbẹ̀. Ọ̀kan ni èyí tí mo wọ léèsì ọdún iléyá, tí mo wé dáadáa. Èkejì ni èyí tó yà mí níbi iṣẹ́, tí èéfín bo orí mi, tí mo na ọwọ́ sí pẹpẹ tí a fi ń yan pupuru lókè iná. Mo bínú sí èkejì yẹn.

"Èéfín ni wà á fi hàn wọ́n? Ṣé ẹran ìgbẹ́ ni mí?"

"Àǹtí, àwòrán ọdún yẹn, wọ́n á ní ẹ rẹwà, ó tán. Èyí ní ohun tí ènìyàn lè béèrè nípa rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yín ní tòótọ́ á rí ibi tó máa gbá mú."

Ó ní kí n sọ ohun tí òun máa kọ sábẹ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́: *Mo ń ṣe pupuru ní Erinje. Opó ni mí. Mi ò fẹ́ràn ariwo. Ọkọ ni mò ń wá, kì í ṣe eré.*

Lẹ́yìn náà ló fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn mí. Ojú ọkùnrin kan á yọ. Tí o bá fẹ́ ẹ, wà á fi ìka fà á sí ọ̀tún. Tí o ò bá fẹ́, wà á fà á sí òsì, ó ti lọ nìyẹn. Ọkùnrin náà ò ní mọ̀ pé o fa òun sí ọ̀tún, àfi tí òun náà bá ti fa ìwọ. Ìgbà yẹn ni fóònù á dún tín-ín, wọ́n á ní ẹ ti di máàṣì, ẹ wá lè máa bára yín sọ̀rọ̀.

Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò lè sọ bó ṣe rí lára mi. Mo jókòó lórí àpótí lábẹ́ igi ọ̀pẹ, àwọn ọkùnrin Ọ̀rẹ̀, àwọn ti Òkìtìpupa, àwọn tí mi ò mọ ìlú wọn rí, wọ́n ń kọjá lábẹ́ ìka mi. Olúkúlùkù wọn ní ìyá. Olúkúlùkù wọn ti dúró níwájú ògiri kan, ó ti tún kọ́là rẹ̀ ṣe, ó ti ní kí wọ́n ya òun. Ìka tí gbáàgúdá ti sọ di funfun ló wá ń sọ fún wọn pé, kọjá, kọjá, dúró ná. Mo fi fóònù sílẹ̀, mo sọ pé *Subhanallah*. Ohun tí à ń rán alárinà lọ ṣe fún odindi ọdún, ó ti wọ inú dígí tí kò tó àtẹ́lẹwọ́.

Ọkùnrin méjì ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Èkíní ni Kingsley. Ó wọ gíláàsì dúdú nínú gbogbo àwòrán rẹ̀. Nínú ọ̀kan, ó fara ti mọ́tò. Nínú ọ̀kan, ó wọ kóòtù, ọwọ́ obìnrin kan sì wà ní èjìká rẹ̀, ọwọ́ lásán, wọ́n ti gé ìyókù obìnrin náà dànù. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni: *Bi mí léèrè.* Kò kọ nǹkan míì.

Èkejì ni Sàlàkọ́. Ojú rẹ̀ hàn kedere, irun àgbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Àwòrán rẹ̀ kejì, ó dúró ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún epo, epo dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé: *Aya mi ti di olóògbé. Ọmọ mi obìnrin ti lọ sílé ọkọ. Mò ń fún epo ní Ìjù-Odò. Mi ò mọ ijó jó. Mò ń wá aya tó lè bá mi jiyàn lórí oúnjẹ.*

Mo fa àwọn méjèèjì sí ọ̀tún. Ti Kingsley, bí ìka mi ṣe kúrò níbẹ̀ báyìí ni fóònù dún. Ti Sàlàkọ́ pẹ́ kó tó dún. Èmi wá rò nínú ara mi pé èyí tó yá ló fẹ́ mi jù.

Kingsley ló kọ́kọ́ kọ̀wé. Ẹ gbọ́ ohun tó kọ:

*Ẹ kú àárọ̀ o, arẹwà. Ṣé dáadáa ni ẹ jí? Ṣé ara le? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ ilé ìwé. Ọlọ́run á fún yín lókun. Ojú yín ń tàn bí òṣùpá.*

Mo kà á, mo tún un kà. Ó ti pẹ́ tí ọkùnrin kan ti kí mi tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi pàápàá, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, "ẹ ǹlẹ́" ló máa ń sọ, á ti jókòó. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ní ibi tó ti wọ́. Ó wọlé lẹ́yìn tí mo kírun àsárì nírọ̀lẹ́, ó ní ẹ kú àárọ̀. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì Erinje ló fà á, ó ti kọ ọ́ láàárọ̀ ni. Ó kí mi kú làálàá àwọn ọmọ ilé ìwé, èmi tí mi ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìwé rí. Mo ní àwọn ọmọ Mùhámádù ló ń sọ. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í yẹ ìdí igbá wò.

Ọ̀rọ̀ Sàlàkọ́ wọlé lẹ́yìn náà. Kò kí mi rárá. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí:

*Ẹyọ kékeré tó wà ní igun pẹpẹ yín, tí kò tó ìdajì àwọn yòókù, ṣé ti ọmọdé ni àbí ẹ fi ń dán iná wò?*

Inú bí mi. Kò sí ẹ kú nǹkan kan. Nílẹ̀ wa, o lè lọ bá ẹni tó gba ilẹ̀ bàbá rẹ jà, wà á kọ́kọ́ kí i ná. Ọkùnrin yìí wọ ilé mi láìkan ilẹ̀kùn, ó lọ ń ka ohun tó wà lórí iná mi. Mo ní aláìmọ̀wà-hù ni. Mi ò dá a lóhùn. Kingsley ni mo dá lóhùn, mo kí i padà, mo fi tèmi lé e, mo sọ fún un pé pupuru ni mò ń ṣe, pé iná jó mi lọ́wọ́ lánàá. Òótọ́ ni, iná ti jó mi lọ́wọ́ ọ̀tún.

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó wá kọ ọ́ pé: *Ó dáa gan-an, ọ̀wọ́n mi. Ẹ mà rẹwà o.*

Mo wò ó títí. Iná jó mi, ó dáa gan-an? Mo tún gbà fún un. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ọjọ́ díẹ̀ ti kọjá, mo pinnu pé n óò lé Sàlàkọ́ kúrò. Tọ̀yíbà ti fi ibi tí wọ́n ń tẹ̀ hàn mí. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé tí mo bá tú máàṣì, gbogbo ohun tí a bára wa sọ á pa rẹ́, ẹni náà ò sì ní lè kọ̀wé sí mi mọ́. Mo dúró lẹ́bàá iná, mo ṣí i. Fóònù bi mí bóyá ó dá mi lójú. Ìka mi ti wà lókè rẹ̀, èéfín ń ta mí lójú.

"Ìyá Mùhámádù! Pupuru yín ń jó o! Ẹ̀yin àti fóònù yìí sá, ṣé Mẹ́kà lẹ fi ń wò ni?"

Eunice ni. Èmi àti òun la jọ ń lo ahéré kan, pẹpẹ tèmi wà lápá kan, tirẹ̀ wà lápá kejì. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ, kò lọ́kọ, ẹnu rẹ̀ mú. Mo ti fóònù bọ àpò, mo sáré yí pupuru padà kó má baà dúdú jù. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Títí di òní, tí mo bá rántí pé díẹ̀ ló kù kí n tẹ̀ ẹ́, ara mi máa ń bù máṣọ.

Nígbà tí iná rọlẹ̀, a jókòó, a ń fọ ọwọ́. Eunice ń rẹ́rìn-ín sínú. Ó yọ fóònù tirẹ̀.

"Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Wòlíì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ó ní ìròyìn ayọ̀ ń bọ̀ lọ́nà àjèjì. Mo ti rí ẹnì kan."

"Níbo?"

"Nínú fóònù ni. Ó mọ ènìyàn kí, Ìyá Mùhámádù! Ẹ jẹ́ n ka tirẹ̀ fún yín. Ó ní, ẹ kú àárọ̀ o, arẹwà. Ṣé dáadáa ni ẹ jí? Ṣé ara le? Ilé ńkọ́?"

Ẹnu mi ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ò rán an. Ẹnu mi kàn ń sọ ọ́ lọ:

"Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ ilé ìwé..."

Eunice wò mí. Omi ń kán ní ọwọ́ rẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ojú yín ń tàn bí òṣùpá," ni mo sọ.

"Jésù! Ṣé ẹ ń wo fóònù mi ni?"

Mo yọ tèmi, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Gíláàsì dúdú kan náà. Mọ́tò kan náà. Ọwọ́ obìnrin kan náà ní èjìká. Ọ̀rọ̀ náà bára mu, kò fi ọ̀rọ̀ kan dín, kò fi ọ̀rọ̀ kan lé. Eunice pẹ̀lú kì í ṣe tíṣà. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ mú Eunice, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ilẹ̀ mú. Nígbà tó dákẹ́, mo rí i pé ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Òṣùpá méjì ló wà ní Erinje," ló wí. "Ìyá Mùhámádù, ẹ wá mọ́lẹ̀ níbí, kí n máa mọ́lẹ̀ lọ́hùn-ún."

Nígbà tí Tọ̀yíbà dé, àwa méjèèjì la gbé fóònù fún. Kò yà á lẹ́nu. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

"Àǹtí, ó kàn kó yín pọ̀ mọ́ àwọn ẹlòmíì ni. Àwọn kan wà, gbogbo ojú tó bá yọ ni wọ́n máa ń fà sí ọ̀tún, wọn ò wò ó. Ìdí tí tiyín fi dún kíákíá nìyẹn. Ó ti fà yín kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Á wá fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, á máa wo ẹni tó dáhùn."

"Owó ló ń wá?" ni mo bi í.

"Àwọn kan ń wá owó. Èyí, mi ò rò bẹ́ẹ̀, kò tíì tọrọ nǹkan kan. Ó kàn fẹ́ mọ̀ pé ẹ gbà fún òun ni. Tí iye wọn bá ti pọ̀, inú rẹ̀ á dùn, ó ti parí."

Mo ronú sí i títí. Olè ń jí nǹkan nítorí ó fẹ́ ẹ. Apẹja ń da àwọ̀n nítorí ó fẹ́ jẹ ẹja. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn da àwọ̀n, kó ka ẹja, kó fi wọ́n sílẹ̀ sínú àwọ̀n kó lọ sùn? Mi ò mọ̀ pé irú ebi bẹ́ẹ̀ wà láyé.

Eunice ní, "Báwo la ṣe máa mọ̀ wọ́n? Ṣé wọ́n kọ ọ́ síwájú orí ni?"

"Ẹ bi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbéèrè kan: ṣé ó lè fi èyí ránṣẹ́ sí ẹlòmíì láìyí nǹkan kan padà? Tó bá lè ṣe é, ẹ̀yin kọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ wá wò ó tí ẹ bá sọ nǹkan kan fún un. Ṣé ó máa ń gbé e, kó béèrè sí i, àbí ó máa ń fò ó? Ṣé á rántí rẹ̀ lọ́jọ́ míì? Kì í ṣe ẹni tó ń yára dáhùn o, àwọn ènìyàn ní iṣẹ́. Ẹni tó máa ń padà síbi tí ẹ bá ọ̀rọ̀ dé ni. Tí ẹ bá ní kí ẹ ríra, ṣé ó máa ń dá ọjọ́, kó dá ibi, àbí 'láìpẹ́, láìpẹ́' ni?"

Eunice ní òun á dán an wò lójú ẹsẹ̀. Ó sọ fún Kingsley pé òjò wọ ahéré àwọn, pé gbáàgúdá òun bàjẹ́. Irọ́ ni. A jókòó dúró. Kò dáhùn. Ó di ọjọ́ kejì kí èsì rẹ̀ tó dé, nígbà tí a ń fún gbáàgúdá nínú àpò. Eunice kà á sókè: "Ẹ kú àárọ̀ o, arẹwà. Ṣé dáadáa ni ẹ jí?" Ó ti gbàgbé pé òun ti bá a sọ̀rọ̀ rí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Eunice tú máàṣì náà, ó kọ orin ìjọ wọn lé e lórí.

Èmi lọ jókòó sí ẹ̀yìn ahéré, mo ṣí ti Sàlàkọ́. Ọ̀rọ̀ kan ti wà níbẹ̀ tí mi ò kà:

*Bí mo bá béèrè ohun tí kò yẹ, ẹ forí jì mí. Ojú mi rí i kí ẹnu mi tó rántí láti kí yín. Mi ò ní yọ yín lẹ́nu. Tí ẹ bá dáhùn, inú mi á dùn.*

Lẹ́yìn ìyẹn, kò kọ nǹkan míì. Kò bú mi, kò dààmú mi.

Mo padà sí ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹyọ kékeré igun pẹpẹ. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Gbogbo pupuru tí iná bá ti lù, ara rẹ̀ á dúdú. Èyí tó gbẹ dé inú dúdú, èyí tí inú rẹ̀ ṣì tutù dúdú. Ojú lásán ò lè mọ̀. Yèyé mi ló kọ́ mi pé kí n máa mọ ẹyọ kékeré kan sí igun, kí n máa fọ́ ọ wò, kí n má baà máa fọ́ ti ọjà. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń ṣe é. Ọkọ mi ò béèrè rí. Mùhámádù ò béèrè rí. Eunice tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò béèrè rí. Tọ̀yíbà tó ya àwòrán náà kò rí i. Ọkùnrin kan ní Ìjù-Odò, tí kò rí mi rí, wo àwòrán tí kò ju páálí ìṣáná lọ, ó la èéfín kọjá, ó kọjá ojú mi, ó dé igun, ó rí i.

Ó rí bí ìgbà tí ẹnì kan pe orúkọ mi nínú igbó tí mo rò pé èmi nìkan wà.

Ìgbà yẹn ló yé mi. Nílẹ̀ wa, ohun tí ọwọ́ ẹni ń ṣe la fi ń kí i. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ní ìkíni tirẹ̀, ẹni tó ń rìn ní tirẹ̀, ẹni tó jókòó lásán ní tirẹ̀. Kí o tó kí, wà á wò. Kingsley kí mi títí, kò wò mí. Ọkùnrin yìí kò kí mi, ṣùgbọ́n ó ti wò mí.

Mo kọ ọ́ pé: *Fún ìdánwò ni. Yèyé mi ló kọ́ mi.*

Ó dáhùn nígbà tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́: *Màmá mi náà ń ṣe é. Mi ò tíì rí ẹlòmíì tó ń ṣe é láti ìgbà tí wọ́n ti lọ. Tí ẹ bá fọ́ ọ tán, ta ló ń jẹ ẹ́?*

Mo gbé fóònù lé itan. Ta ló ń jẹ ẹ́? Èmi ni mò ń gún un, èmi ni mò ń ro ó, èmi àti rédíò. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo kọ rédíò mọ́ ọn. Ó ní: *Kí ni rédíò máa ń sọ tí ẹ bá ń jẹun?* Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni. Ó ní kò yani lẹ́nu pé oúnjẹ ò lọ ní ọ̀fun mi.

Ẹ má rò pé mo wá sùn lé e. Ẹ̀rù mi tún pọ̀ sí i ni. Mo sọ fún Tọ̀yíbà pé, "Ẹni tó ń dẹ pakuté náà máa ń wo ilẹ̀ dáadáa."

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Òótọ́ ni, Àǹtí. Oníjìbìtì náà máa ń ka nǹkan dáadáa. Kíkà tó kà á, ó fi hàn pé ó fara balẹ̀ ni, kò fi hàn pé ó mọ́. Ẹ jẹ́ kó fi fídíò pè yín, kí ẹ rójú ara yín. Tó bá ń ní kámẹ́rà òun bàjẹ́, ẹ sá. Tó bá tọrọ owó, ẹ sá. Tó bá fẹ́ kí ẹ wá sílé òun lákọ̀ọ́kọ́, ẹ sá. Mo sì mọ ọmọkùnrin kan tí kò mọ̀ ju 'báwo ni' lọ níbẹ̀rẹ̀, ojú ló ń tì í, òun ni ọ̀rẹ́ mi fẹ́. Àmì ni gbogbo rẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ ìbúra."

Mo ní kí Sàlàkọ́ pè mí. Kò wá àwáwí. Ó pè mí láti ẹnu iṣẹ́ lójú ọ̀sán, ẹ̀rọ ń dún lẹ́yìn rẹ̀, epo wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó ṣe wà nínú àwòrán. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì mú ojú rẹ̀ dúró gbagidi, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bí ti ẹja. Ó já. Ó tún pè. Ohun tó kọ́kọ́ sọ nígbà tí ojú rẹ̀ padà wá ni pé:

"Ẹ jọ̀ọ́, mo rí aṣọ tí ẹ dì mọ́ ọwọ́ ọ̀tún. Kí ló ṣe é?"

"Iná ni."

"Ẹ máa fi ọwọ́ òsì yí pupuru títí á fi san. Á kọ́kọ́ le fún yín."

Ní ọjọ́ míì, kí n tó sọ nǹkan kan, ó ti ní, "Ọwọ́ yẹn ńkọ́?" Tọ̀yíbà tó ń gbọ́ wa lábẹ́lẹ̀ gbá mi lẹ́sẹ̀.

Òun ló dá a sílẹ̀ pé kí a ríra. Ó ní Sátidé, tí oòrùn bá ti là, ní ilé oúnjẹ tó wà létí gáréèjì ní Òkìtìpupa, níbi tí èrò pọ̀ sí. Ó ní kí n mú ẹni tí ọkàn mi bá balẹ̀ sí dání. Ó ní tí ara mi bá kọ̀ ọ́ lójú ọ̀nà, kí n padà, òun ò ní bínú.

Mo lọ. Eunice gbàdúrà fún mi, ó bu omi ìjọ wọn wọ́n mi ní ìbòrí, mo ní Eunice, mùsùlùmí ni mí, ó ní omi ò mọ̀. Èmi àti Tọ̀yíbà gun ọ̀kadà kan. Lójú ọ̀nà, fóònù mi dún tín-ín. Ẹ̀rù bà mí pé Sàlàkọ́ ló ní òun ò wá mọ́. Tọ̀yíbà wò ó láti ẹ̀yìn mi.

"Àǹtí, ẹ kú àárọ̀ o, arẹwà. Ilé ńkọ́?"

Ẹ̀rín pa wá débi tí ọlọ́kadà fi bi wá bóyá a fẹ́ já bọ́.

Nínú àpò mi ni mo fi ẹyọ kékeré náà sí, èyí tí mo yọ ní igun pẹpẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mi ò tíì fọ́ ọ. Mi ò mọ ìdí tí mo fi mú un dání.

Tọ̀yíbà jókòó sí tábìlì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí. Sàlàkọ́ ti dé ṣáájú wa. Ó kúrú ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ti fọ ọwọ́ títí, síbẹ̀ epo ṣì pọ́n lẹ́sẹ̀ èékánná rẹ̀. Ó dìde. Ó wo ojú mi, ó wo ọwọ́ mi, ó wá dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí ọkùnrin ṣe máa ń ṣe tí kò fẹ́ kí ilé oúnjẹ wo òun.

"Ẹ kú iná," ló wí. "Ẹ kú èéfín. Ẹ kú ọwọ́ tó jó, ẹ kú ìyá tó kọ́ yín. Mo jẹ yín ní ìkíni, mo ní kí n mú un wá fúnra mi."

Mo ti ọwọ́ bọ àpò, mo yọ ẹyọ kékeré náà, mo gbé e sórí tábìlì láàárín wa. Ó dúdú, ó rí róbótó, bí gbogbo pupuru ṣe rí níta. Ó wò mí bóyá kí òun ṣe é. Mo mi orí pé kó ṣe é. Ó di í mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó fọ́ ọ. Inú rẹ̀ funfun, ó gbẹ dé àárín.

Ó gbé ìdajì kan síwájú mi, ó fi ìdajì kejì síwájú ara rẹ̀. Nígbà náà ló tẹ orí sílẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi, ọ̀rọ̀ náà ò gùn.

A dé ilé. Eunice ti wà lẹ́nu ahéré, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Tọ̀yíbà kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tó fi ń pariwo.

"Mo rí i tó ń sọ nǹkan! Mo rí i tí Àǹtí fi ìbòrí nu ojú! Kí ló sọ?"

"Ìyá Mùhámádù, ẹ má pa wá. Kí ló sọ?"

Mo wọlé, mo bọ́ bàtà. Mo ṣa igi sábẹ́ pẹpẹ. Wọ́n tẹ̀ lé mi bí ewúrẹ́ tó rí iyọ̀.

"Ṣé ó ní òun á wá mọ Mùhámádù ni?"

Mo dá iná.

"Ṣé ó ní kí ẹ máa bọ̀ ní Ìjù-Odò?"

Mo fẹ́ iná.

"Àǹtí, èmi ni mo gbé yín sórí áàpù o! Ẹ jẹ mí ní ọ̀rọ̀ yẹn."

Mo yí padà, mo wo ọmọ náà, mo wo Eunice. Ọ̀rọ̀ Kingsley, ẹnu àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti kà á, ó sì bá ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu. Èyí kò bá ẹnu ẹnikẹ́ni mu àfi etí mi.

"Ẹ lọ fọ gbáàgúdá," ni mo wí. "Mi ò sọ ọ́."